Bí ẹ ṣe lè wá tébù bọ́ọ̀lù àti iye góòlù tó sọnù jáde látinú ìwé tí òjò ti pa

Ẹ wò ó, nǹkan tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, mo ti ṣe é lọ́wọ́ ara mi kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Kọ́ọ̀pù àdúgbò la gbá nígbà Iléyá, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, Mọ́kọ́lá, Bẹẹrẹ, Àpáta àti Ṣàngó, oníkálukú gbá lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹnìkejì, máàṣì 6 lápapọ̀. Ẹni tó ń bá wa kọ ìwé ká tébù sínú àpò ṣòkòtò, òjò sì ká a mọ́ ojú títì, ìgbà tó máa fi délé, bíró ti ṣàn lórí pépà yẹn bíi àdí. Ibi tí wọ́n kọ iye góòlù máàṣì kọ̀ọ̀kan sí ti lọ pátápátá. Ibi tí wọ́n kọ máàṣì tí wọ́n borí, ti ọ̀mì àti èyí tí wọ́n pàdánù sí náà ti lọ. Ohun tó kù tá a lè kà ò ju èyí lọ:

Mọ́kọ́lá: póìntì 7, góòlù tí wọ́n jù 4, góòlù tó wọ àwọ̀n wọn 1
Bẹẹrẹ: póìntì 6, góòlù tí wọ́n jù 5, góòlù tó wọ àwọ̀n wọn ?
Àpáta: póìntì ?, góòlù tí wọ́n jù 0, góòlù tó wọ àwọ̀n wọn 1
Ṣàngó: póìntì 1, góòlù tí wọ́n jù 1, góòlù tó wọ àwọ̀n wọn 5

Àwọn èèyàn ti ń sọ pé ká tún gbogbo ẹ̀ gbá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú pépà funfun. Gbogbo máàṣì 6 yẹn ló jáde padà, góòlù kọ̀ọ̀kan, kò ku ẹyọ kan, bí mo sì ṣe ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ póìntì di máàṣì

Póìntì 3 ni fún ẹni tó borí, 1 fún ọ̀mì, òdo fún ẹni tó pàdánù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá máàṣì 3. Ẹ wá bi ara yín pé ọ̀nà mélòó ni èèyàn lè gbà kó póìntì 7 jọ nínú máàṣì 3? Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó borí 2, ó sì ta ọ̀mì 1. Póìntì 6 ńkọ́? Ó ní láti jẹ́ pé ó borí 2 ó sì pàdánù 1, torí tó bá borí ẹyọ kan péré, ọ̀mì 3 ló tún máa nílò, ìyẹn á di máàṣì 4. Póìntì 1 náà ò le, ọ̀mì 1 ni, ìyókù 2 ti bọ́ lọ.

Nínú gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin tí oníkálukú gbá máàṣì 3, póìntì kan ṣoṣo ló lè tan yín jẹ, póìntì 3 ni. Ẹni tó ní 3 lè jẹ́ ẹni tó borí 1 tó pàdánù 2, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ta ọ̀mì ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo póìntì yòókù, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Tí ẹ bá sì rí i tí ẹnìkan kọ 8 síbẹ̀, irọ́ ni, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi máàṣì 3 ní póìntì 8. Àmọ́ tó bá jẹ́ líìgì tí wọ́n ń gbá tilé toko, máàṣì á di 6, póìntì á wá ní ọ̀nà púpọ̀, nítorí náà ẹ má mú ohun tí mo sọ yìí lọ síbẹ̀ láìtún kà á.

Ó ti di pé Mọ́kọ́lá borí 2, ọ̀mì 1, wọn ò pàdánù rárá. Bẹẹrẹ borí 2, pàdánù 1, kò sí ọ̀mì. Ṣàngó ò borí ẹnikẹ́ni, ọ̀mì 1, pàdánù 2. Àpáta ló kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹni tó borí gbọ́dọ̀ bá ẹni tó pàdánù dọ́gba

Máàṣì tí ẹnìkan borí, ẹlòmíì ló pàdánù ẹ̀, kò sí bó ṣe lè rí lọ́nà míì. Torí náà, tí ẹ bá ro iye ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ borí pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá iye ìgbà tí gbogbo wọn pàdánù dọ́gba. Ọ̀mì náà ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ méjì ló máa ń ta á, fún ìdí èyí, tí ẹ bá ro ọ̀mì gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù.

Ẹ wo Àpáta báyìí. Póìntì wọn ti parẹ́, ṣùgbọ́n góòlù tí wọ́n jù ṣì hàn, òdo ni. Ẹgbẹ́ tí kò ju góòlù kankan ò lè borí ẹnikẹ́ni láéláé. Kékeré lọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ òun ló ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àpáta ò borí, nítorí náà iye ìgbà tí wọ́n borí lápapọ̀ jẹ́ 4, Mọ́kọ́lá 2, Bẹẹrẹ 2. Èyí tí wọ́n pàdánù, Bẹẹrẹ ní 1, Ṣàngó ní 2, ìyẹn 3, ó ku 1 kó pé 4, Àpáta ló máa gbé ẹyọ yẹn. Ó wá ku máàṣì 2 fún Àpáta, ọ̀mì ni méjèèjì, póìntì wọn jẹ́ 2. Ẹ ka ọ̀mì: Mọ́kọ́lá 1, Ṣàngó 1, Àpáta 2, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4, máàṣì ọ̀mì 2 nìyẹn. Máàṣì 4 ní ẹni tó borí, 2 jẹ́ ọ̀mì, 6 pé.

Tó bá jẹ́ pé òjò pa òdo yẹn pẹ̀lú góòlù 1 tó wọ àwọ̀n wọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà, torí Àpáta lè jẹ́ ẹni tó borí 1 tó sì pàdánù 2, kò sì ní sí ohun tó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí òdo lórí tébù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ló gbá kí ni pẹ̀lú ta

Bẹẹrẹ ò ta ọ̀mì kankan. Àpáta sì ta méjì. Àwọn wo ló wá kù tí Àpáta lè bá ta ọ̀mì? Mọ́kọ́lá àti Ṣàngó náà ni, kò sẹ́lòmíì. Ó túmọ̀ sí pé Bẹẹrẹ ló na Àpáta. Mọ́kọ́lá ti lo ọ̀mì kan ṣoṣo tó ní fún Àpáta, nítorí náà ó borí Bẹẹrẹ, ó sì borí Ṣàngó. Ṣàngó náà ti lo ọ̀mì ẹ̀, Mọ́kọ́lá àti Bẹẹrẹ ló nà án. A ti mọ ẹni tó borí nínú máàṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìtíì fọwọ́ kan góòlù rárá.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá jókòó ti irú nǹkan yìí, góòlù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, wọ́n á máa dán 2-1 wò, wọ́n á máa dán 3-2 wò, títí orí á fi máa fọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó borí, góòlù á wá rọrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: góòlù, látọ̀dọ̀ ẹni tó ní kékeré jù

Àpáta ṣì la máa lò. Wọn ò ju góòlù, nítorí náà ọ̀mì méjèèjì tí wọ́n ta jẹ́ 0-0, pẹ̀lú Mọ́kọ́lá àti pẹ̀lú Ṣàngó. Góòlù kan péré ló wọ àwọ̀n wọn, Bẹẹrẹ ló jù ú, 1-0. Máàṣì 3 ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ yọ gbogbo èyí kúrò lórí tébù kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ, kẹ́ ẹ kọ ohun tó ṣẹ́kù sórí pépà tuntun. Èmi ò yọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo wá ń ka góòlù Bẹẹrẹ tó wọ àwọ̀n Àpáta ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ tán, àwọn mẹ́ta ló kù tí wọ́n gbá láàárín ara wọn: Mọ́kọ́lá ju 4, 1 wọ àwọ̀n wọn. Bẹẹrẹ ju 4, torí ẹyọ kan nínú 5 ti lọ sọ́dọ̀ Àpáta. Ṣàngó ju 1, 5 sì wọ àwọ̀n wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìkóríta

Ibí yìí ló gbà mí ní àsìkò jù. Góòlù kan ṣoṣo ni Ṣàngó ní, ó sì gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀n ẹnìkan nínú méjì, Mọ́kọ́lá tàbí Bẹẹrẹ. Ẹ gba ọ̀nà méjèèjì wò, ẹ má kàn mú èyí tó wù yín.

Ká ní Mọ́kọ́lá ni Ṣàngó jù ú sí. Góòlù kan péré ló wọ àwọ̀n Mọ́kọ́lá, ti Ṣàngó ti gba ibẹ̀, torí náà Bẹẹrẹ ò rí nǹkan kan jù sí Mọ́kọ́lá. Ó di dandan kí gbogbo góòlù 4 Bẹẹrẹ wọ àwọ̀n Ṣàngó. Ṣùgbọ́n 5 ló wọ àwọ̀n Ṣàngó, ẹyọ kan ló wá kù fún Mọ́kọ́lá. Mọ́kọ́lá àti Ṣàngó á jẹ́ 1-1. Ṣé ẹ rántí pé Mọ́kọ́lá borí Ṣàngó? Ó ti kọlù ú, ọ̀nà yìí ti dí.

Ó ku ọ̀nà kejì, pé Bẹẹrẹ ni Ṣàngó jù ú sí. Góòlù kan tó wọ àwọ̀n Mọ́kọ́lá á jẹ́ ti Bẹẹrẹ nígbà náà. Bẹẹrẹ ní 4, ẹyọ kan lọ sọ́dọ̀ Mọ́kọ́lá, 3 wọ àwọ̀n Ṣàngó, Bẹẹrẹ 3 Ṣàngó 1. Góòlù 5 ló wọ àwọ̀n Ṣàngó, Bẹẹrẹ ju 3, Mọ́kọ́lá ju 2, Mọ́kọ́lá 2 Ṣàngó 0. Mọ́kọ́lá ní 4, ó ti lo 2, 2 yòókù wọ àwọ̀n Bẹẹrẹ, Mọ́kọ́lá 2 Bẹẹrẹ 1. Ó tán.

Nígbà tí mo ka èyí jáde lórí pápá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n kan láti Ṣàngó fárígá. Ó ní, "Àbúrò, ojú mi báyìí ni ọmọ wa gbá a wọ àwọ̀n Mọ́kọ́lá, mo dúró lẹ́yìn òpó!" Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé ẹ ń parọ́, àmọ́ tí góòlù yẹn bá wà, ẹ̀yin àti Mọ́kọ́lá ta ọ̀mì nìyẹn, póìntì yín á di 2, tiwọn á di 5, 1 àti 7 ló sì wà lórí ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí. Wọ́n lọ pe rẹfirí. Rẹfirí ní òótọ́ ni bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n òun ti fọn fèrè ọfúsáìdì kó tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rí bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, kò gbọ́ fèrè. Mo mú ìyẹn lọ́kàn gan-an, torí òótọ́ ni ẹni tó wà níbẹ̀ sọ, góòlù náà ni kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ ẹ́ wò láti ibi tí ẹ ò tíì lò

Góòlù tó wọ àwọ̀n Bẹẹrẹ ló parẹ́ níbẹ̀rẹ̀, a ò sì lò ó rárá. Ìdí nìyẹn tó fi dára láti fi yẹ iṣẹ́ wò. Látinú máàṣì tá a rí, Mọ́kọ́lá ju 2 sí wọn, Ṣàngó ju 1, ó jẹ́ 3. Ẹ wá gba ọ̀nà míì: góòlù tí gbogbo ẹgbẹ́ jù gbọ́dọ̀ bá èyí tó wọ gbogbo àwọ̀n dọ́gba. Tí wọ́n jù: 4, 5, 0, 1, ó jẹ́ 10. Tó wọ àwọ̀n tí a lè kà: 1, 1, 5, ó jẹ́ 7. Ó ku 3. Ọ̀nà méjèèjì pàdé, ó já sí i. Póìntì náà ní àyẹ̀wò tiẹ̀, máàṣì 6 lọ́nà 3 jẹ́ 18, ẹ yọ 1 fún ọ̀mì kọ̀ọ̀kan, ó di 16. Tiwa: 7, 6, 2, 1. Ó pé 16.

Bí tébù ṣe jáde nìyí:

Mọ́kọ́lá: borí 2, ọ̀mì 1, pàdánù 0, góòlù 4 sí 1, póìntì 7
Bẹẹrẹ: borí 2, ọ̀mì 0, pàdánù 1, góòlù 5 sí 3, póìntì 6
Àpáta: borí 0, ọ̀mì 2, pàdánù 1, góòlù 0 sí 1, póìntì 2
Ṣàngó: borí 0, ọ̀mì 1, pàdánù 2, góòlù 1 sí 5, póìntì 1

Tí ọ̀nà gbogbo bá dí ńkọ́? Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé ẹ ṣi nọ́ńbà kan kà. Bíró tó ti ṣàn, 5 àti 3 fẹ́ẹ̀ jọra, 1 àti 7 náà sì rèé. Ká ní mo ka 5 Ṣàngó sí 3. Ọ̀nà àkọ́kọ́ á ní Bẹẹrẹ ju 4 sí Ṣàngó nígbà tó jẹ́ pé 3 péré ló wọ àwọ̀n wọn. Ọ̀nà kejì á ní Bẹẹrẹ ju 3, kò wá ní ku nǹkan kan fún Mọ́kọ́lá, ẹni tó yẹ kó borí. Méjèèjì dí. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí fi tipátipá mú un wọlé, ẹ gbé pépà síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà.

Ìgbà tí pépà nìkan ò lè tó

Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n bá gbá láàárín ara wọn, kódà tí gbogbo góòlù tí wọ́n jù àti èyí tó wọ àwọ̀n wọn bá wà lórí ìwé pé pérépéré, ó ṣì ní ọ̀nà kan tí góòlù lè gbà yí kiri láàárín wọn tí tébù ò ní mọ̀. Ká ní Mọ́kọ́lá na Ṣàngó 3-0 dípò 2-0. Mọ́kọ́lá á ní 5, 6 á wọ àwọ̀n Ṣàngó, ìyókù ò yí padà. Ẹ wo méjì yìí:

Mọ́kọ́lá 2 Bẹẹrẹ 1, Mọ́kọ́lá 3 Ṣàngó 0, Bẹẹrẹ 3 Ṣàngó 1
Mọ́kọ́lá 3 Bẹẹrẹ 0, Mọ́kọ́lá 2 Ṣàngó 1, Bẹẹrẹ 4 Ṣàngó 0

Ẹ rò ó wò fúnra yín, tébù kan náà ni méjèèjì ń fún yín, ẹni tó borí ò yí padà, góòlù ò yí padà. Ìṣirò ò lè yan ọ̀kan nínú wọn, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ nílò, "ṣé Bẹẹrẹ rí góòlù kankan jù sí Mọ́kọ́lá?" Tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ti dáhùn ìyẹn, gbogbo ìyókù á tò. Nítorí náà tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ má lọ máa bi gbogbo ayé pé kí lẹ rántí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ẹ rántí Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 1994 ní Amẹ́ríkà, èyí tí Ràṣídì Yẹkíní, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún 3SC níbí ní Ìbàdàn, ti ju góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù tó wá di àwọ̀n mú tó ń sunkún. Tébù gúrúùpù yẹn: Nàìjíríà póìntì 6, góòlù 6 sí 2. Bùlùgéríà póìntì 6, góòlù 6 sí 3. Ajẹntínà póìntì 6, góòlù 6 sí 3. Gíríìsì òdo, góòlù 0 sí 10. Ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹta á sọ fún yín pé Gíríìsì pàdánù gbogbo ẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì na ara wọn yípo. Àmọ́ ta ló na ta? Tébù ò sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Nàìjíríà na Bùlùgéríà 3-0, Bùlùgéríà na Ajẹntínà 2-0, Ajẹntínà na àwa 2-1. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí i padà, kí Bùlùgéríà na Nàìjíríà 2-0, Nàìjíríà na Ajẹntínà 3-0, Ajẹntínà na Bùlùgéríà 3-0, tí Gíríìsì wá gba 3 lọ́wọ́ Nàìjíríà, 4 lọ́wọ́ Bùlùgéríà, 3 lọ́wọ́ Ajẹntínà, tébù kan náà gẹ́lẹ́ ló máa jáde. Mo ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó gbà. Ibi tí ẹ bá ti rí ẹgbẹ́ mẹ́ta tí póìntì wọn dọ́gba báyìí, ẹ wá èsì máàṣì kan láàárín wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ó ku nǹkan kan tó máa ń ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́ ní kọ́ọ̀pù àdúgbò. Ẹgbẹ́ tí kò bá yọjú, wọ́n máa ń kọ góòlù fún ẹni tó wá, FIFA fúnra wọn máa ń kọ ọ́ ní 3-0, àwọn mìíràn níbí a máa kọ póìntì 3 láìkọ góòlù kankan. Tó bá jẹ́ èyí tí kò ní góòlù ni, ẹgbẹ́ tí kò ju góòlù kankan lè ní póìntì 3, ohun tí mo sọ nípa òdo Àpáta á sì ṣubú. Ti póìntì tí wọ́n yọ nítorí ìjà náà ńkọ́, póìntì tó kù kò ní bá iye ìgbà tí wọ́n borí mu mọ́. Nítorí náà kí n tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àwọn tó gbé ìwé wá ni pé: ṣé gbogbo wọn ló yọjú, ṣé wọ́n sì yọ póìntì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?